Bọ́mpà iwájú ti di tuntun, ṣùgbọ́n sẹ́nsọ̀ ń pariwo lásán, àwòrán òkè sì ti já

Adé Ìkòròdú

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, mo kí yín. Infiniti QX60 ti ọdún 2015 ni mo ń wà, tòkunbọ̀ ni. Ó ní sẹ́nsọ̀ mẹ́rin níwájú àti mẹ́rin lẹ́yìn, ó sì ní kámẹ́rà mẹ́rin tí ń pa àwòrán wọn pọ̀ lójú sìkíríìnì, bí ẹni pé ènìyàn wà lókè tí ó ń wo ọkọ̀ náà nísàlẹ̀. Ọlọ́kadà kan gbá mi níwájú, bọ́mpà àti gíríìlì sì fọ́. Mo ra òmíràn ní Ládípọ̀, a kùn ún, a sì dè é mọ́ ọkọ̀. Láti ìgbà náà, bí mo bá ti ń wọ inú ọgbà ilé, sẹ́nsọ̀ iwájú yóò máa dún láìdánudúró nígbà tí kò sí nǹkankan níwájú mi, bẹ́ẹ̀ ni ti igun òsì kì í dún rárá bí mo tilẹ̀ fi àga dí ibẹ̀. Ní ti kámẹ́rà, ìlà àárín àwọn ìńtálọ́ọ̀kì tí ó wà nílẹ̀ máa ń lọ tààrà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, ṣùgbọ́n bí ó bá ti dé igun iwájú yóò já, apá iwájú rẹ̀ yóò sì yà síta. Rẹwáyà tí mo pè ní kí n lọ ra kọ̀ǹpútà mìíràn. Ṣé òótọ́ ni, àbí ohun kan wà tí ó yẹ kí a tún tò? Ta ni ó sì lè tò ó?

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́

Adé, má ra kọ̀ǹpútà kankan. Yọ orí bátìrì fún ìdajì wákàtí, dá a padà, kí o sì wa ọkọ̀ náà lójú títì tí ìlà funfun rẹ̀ hàn dáadáa. Àwọn ọkọ̀ ìgbàlódé máa ń tún ara wọn tò. Ohun tí a ṣe sí ọkọ̀ ọ̀gá mi nìyẹn, kámẹ́rà rẹ̀ sì bọ̀ sípò.

Bàbá Rẹwáyà Ìbàdàn

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ní òótọ́ díẹ̀ lọ́wọ́. Àwọn ọkọ̀ kan wà tí kámẹ́rà wọn máa ń wo ìlà ojú títì tí wọ́n sì ń tún ara wọn tò bí ọkọ̀ ti ń lọ, ṣùgbọ́n QX60 ọdún yẹn kò sí lára wọn. Ènìyàn ni yóò fa ìlà sílẹ̀ fún un, tí yóò sì fi ẹ̀rọ àyẹ̀wò fi ibi tí ìlà náà wà han kọ̀ǹpútà. Bí o bá wa ọkọ̀ náà dé Ṣókótó, ojú ìpàdé àwòrán yẹn kò ní sún.

Adé, ohun méjì ni o kó pọ̀, wọn kì í sì í ṣe ọmọ ìyá kan náà. Sẹ́nsọ̀ iwájú ọkọ̀ rẹ kò ní ohun tí a ń fi ẹ̀rọ tò lẹ́yìn ìpààrọ̀ bọ́mpà. Bí ó ṣe jókòó nínú ihò rẹ̀, ibi tí ó kọjú sí, ọ̀dà tí ó wà lójú rẹ̀ àti wáyà tí a kì bọ̀ ọ́ nìkan ni ọ̀rọ̀ rẹ̀. Kámẹ́rà ni ó ń fẹ́ àtúntò. Sẹ́nsọ̀ ni kí a kọ́kọ́ parí, nítorí pé ó ṣeé ṣe kí o tún bọ́mpà náà tú, bí o bá sì tú u lẹ́yìn tí wọ́n ti tún kámẹ́rà tò, owó yẹn ti wọ igbó.

Ìdí tí sẹ́nsọ̀ fi ń pariwo lásán kò le láti yé. Ojú rẹ̀ jẹ́ awẹ́ irin pẹlẹbẹ kan tí ó máa ń gbọ̀n láti ju ìró tí etí wa kò gbọ́ síta, lẹ́yìn náà ni yóò dákẹ́ láti gbọ́ ìró náà bí ó bá ń padà bọ̀. Ìró ń rin nǹkan bí 340 mítà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, nítorí náà bí ògiri bá wà ní mítà kan sí bọ́mpà, ìró náà yóò lọ yóò sì bọ̀ kí ìdá mẹ́fà nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá tó parí. Bí ògiri bá wà ní 30 sẹ̀ńtímítà, kò tó ìdá méjì. Awẹ́ irin náà ní láti tètè dákẹ́. Bí bọ́mpà bá fún un lọ́rùn, tàbí tí ọ̀dà so ó pọ̀ mọ́ bọ́mpà, kò ní tètè dákẹ́, kọ̀ǹpútà yóò sì ka gbígbọ̀n tirẹ̀ fúnra rẹ̀ sí ohun tí ó wà nítòsí gan-an. Ìdí nìyẹn tí ó fi ń dún láìdánudúró.

Àwọn ohun tí mo fẹ́ kí o wò nìyí. Rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan yí sẹ́nsọ̀ kọ̀ọ̀kan ká, òun ni kì í jẹ́ kí irin rẹ̀ fi ara kan ike bọ́mpà. Àwọn tí ń tú bọ́mpà tòkunbọ̀ sábà máa ń sọ rọ́bà yìí nù. Lẹ́yìn náà, wo bí a ṣe yí sẹ́nsọ̀ kọ̀ọ̀kan nínú ihò rẹ̀. Ìró rẹ̀ máa ń fẹ̀ lọ sí ọ̀tún àti òsì ju bí ó ti ń fẹ̀ lọ sókè àti sísàlẹ̀, nítorí náà bí wọ́n bá fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣe orí, ilẹ̀ ni yóò máa rí. Kí ihò púlọ́ọ̀gì gbogbo wọn kọjú sí apá ibi tí ti inú bọ́mpà àtijọ́ kọjú sí. Bí o kò bá tíì ju bọ́mpà fífọ́ náà nù, òun ni ìwé tí ó dára jù lọ tí o ní.

Fún àyẹ̀wò, tan iginíṣọ̀n láì tan ẹ́ńjìnì, fa búrẹ́kì ọwọ́, kí o fi jíà sí rìfáàsì, kí ẹlòmíràn jókòó sínú ọkọ̀ kí ó tẹ búrẹ́kì ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, kí ìwọ sì gbé etí sún mọ́ sẹ́nsọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ìwọ yóò gbọ́ tí ó ń ta kíkí, kíkí. Èyí tí kò bá ta, wáyà tàbí òun fúnra rẹ̀ ni ó kú. Lẹ́yìn náà, wá paipu omi oníke ti 75 mílímítà, irú èyí tí àwọn púlọ́mbà ń pè ní ìnṣì mẹ́ta, kí ó ga tó mítà kan. Ìwọ̀n kan náà ni ìlànà àgbáyé ISO 17386 fi ń dán irú sẹ́nsọ̀ yìí wò. Gbé e dúró gbọọrọ, máa sún un bọ̀ láti mítà kan àtààbọ̀, kí o sì fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ilẹ̀ níbi tí ìró ti bẹ̀rẹ̀. Igun ọ̀tún àti igun òsì gbọ́dọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba.

Ìyá Ìbejì Manchester

Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá. Èmi ní tèmi, Volkswagen Tiguan ni mo ń wà níbí, bọ́mpà ẹ̀yìn ni wọ́n pààrọ̀ fún mi. Nígbà tí mo lọ gbé ọkọ̀, mo bá wọn tí wọ́n tẹ́ àwọn pákó pẹlẹbẹ oníbátànì dúdú àti funfun yí ọkọ̀ náà ká, wọ́n ní kámẹ́rà ń wò wọ́n ni, kọ̀ǹpútà sì ń tún ara rẹ̀ tò láti inú ohun tí ó rí. Nínú ìwé owó tí ilé iṣẹ́ adójútòfò fi ránṣẹ́, wọ́n kọ owó iṣẹ́ kámẹ́rà sí ọ̀tọ̀, ṣùgbọ́n n kò rí owó kankan fún àtúntò sẹ́nsọ̀, mo sì rò pé wọ́n gbàgbé ni. Ohun tí Bàbá sọ ti wá là mí lójú. Adé, ṣé o kò ní wá irú pákó bẹ́ẹ̀ rà?

Bàbá Rẹwáyà Ìbàdàn

Ẹ ṣeun, Ìyá Ìbejì. Wọn kò gbàgbé. Ṣùgbọ́n kí Adé má ṣe ra pákó, nítorí pé bátànì tí kámẹ́rà Volkswagen mọ̀ kò já mọ́ nǹkankan lójú ti ilé Nissan, tí ó ṣe Infiniti. Ìlà lásán ni tiwọn ń fẹ́, téèpù funfun àti okùn sì ti tó. Ó rọ̀ wá lọ́wọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n ojú àti ọwọ́ ẹni tí ń ṣe é ni gbogbo rẹ̀ gbára lé.

Pénítà Òṣogbo

Mo ti rí i pé ọ̀rọ̀ yìí ń bọ̀ wá sọ́dọ̀ àwa tí ń kun ọkọ̀, ẹ jẹ́ kí n tètè fèsì. Kì í ṣe gbogbo ọ̀dà ni ó ń ba sẹ́nsọ̀ jẹ́. Láti ilé iṣẹ́ ni wọ́n ti ń kun sẹ́nsọ̀ kí àwọ̀ rẹ̀ lè bá bọ́mpà mu. Àṣìṣe ibẹ̀ ni kí a fi sẹ́nsọ̀ sínú bọ́mpà kí a tó fọ́n ọ̀dà lé gbogbo rẹ̀, nítorí pé ọ̀dà yóò dí àlàfo tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó yí i ká, yóò sì gbẹ síbẹ̀ bí gọ́ọ̀mù. Bẹ́ẹ̀ ni kí a má ṣe fi pọ́tì kan ojú sẹ́nsọ̀ láéláé. Èmi a máa yọ wọ́n jáde, n óò fi ìwé iyanrìn tí ó kúnná jù lọ pa ojú wọn fẹ́ẹ́rẹ́, n óò bo ara wọn tó kù, n óò sì fọ́n ọ̀dà fẹ́lẹ́ méjì àti ọ̀dà dídán kan. Kò sí oníbàárà tí ó tíì padà wá bá mi jà.

Bàbá Rẹwáyà Ìbàdàn

Pénítà, mo gbà pẹ̀lú rẹ lórí gbogbo rẹ̀ àfi ẹyọ kan. Bí sẹ́nsọ̀ bá ti ní ọ̀dà ilé iṣẹ́ lójú, tí ẹlòmíràn tún ti kùn ún lẹ́ẹ̀kan níbi tí a ti rà á, èmi kì í gbà kí a fọ́n ẹlẹ́ẹ̀kẹta lé e. Ara irin fẹ́lẹ́ yẹn yóò wúwo ju bí a ti ṣe é lọ. N óò kúkú ra òmíràn.

Pénítà Òṣogbo

Bàbá, owó yín pọ̀ ni. Bí ọ̀dà ìṣáájú bá fẹ́lẹ́, ẹlẹ́ẹ̀kẹta kò ṣe nǹkankan fún un, mo ti ṣe é rí. Ẹ jẹ́ kí a fi ìyẹn sílẹ̀ báyìí.

Akin Lẹ́kkí

Ẹ kú ìjókòó. Ohun tí ó ń ṣe Adé gan-an ni ó ń ṣe mí. Tóyótà Kámúrì 2018 ni tèmi, a pààrọ̀ gíríìlì àti àmì iwájú rẹ̀, láti ìgbà náà ni ọkọ̀ náà ti ń sọ pé ohun tí ń kìlọ̀ fún mi nípa ọkọ̀ iwájú kò ṣiṣẹ́ mọ́. Mo ti yọ gbogbo sẹ́nsọ̀ bọ́mpà, mo nù wọ́n, kò yí padà. Ṣé kí n gba paipu náà?

Bàbá Rẹwáyà Ìbàdàn

Akin, ọ̀tọ̀ ni tìrẹ. Rédà ni ó wà lẹ́yìn àmì Tóyótà tí ó wà láàárín gíríìlì rẹ, kò sì bá sẹ́nsọ̀ bọ́mpà tàbí kámẹ́rà àyíká tan. Àmì yẹn kì í ṣe ọ̀ṣọ́ lásán, ike tí ìgbì rédà lè kọjá ni wọ́n fi ṣe é. Bí èyí tí wọ́n tà fún ọ bá ní irin nínú tàbí tí wọ́n kùn ún ní àwọ̀ fàdákà onírin, ńṣe ni ó fọ́ rédà lójú. Wá ojúlówó àmì kí o tó ṣe ohunkóhun mìíràn. Lẹ́yìn náà, bí rédà fúnra rẹ̀ bá ti sún kúrò ní ipò, irin onígun mẹ́ta kan ni wọ́n ń gbé kalẹ̀ sí iwájú ọkọ̀ láti tún un tò pẹ̀lú ẹ̀rọ Tóyótà. Má ṣe gba paipu kankan, ọmọ mi.

Adé Ìkòròdú

Mo dé o, Bàbá. A tú bọ́mpà náà. Rọ́bà sẹ́nsọ̀ ọ̀tún láàárín kò sí níbẹ̀ rárá, wọ́n fi téèpù dúdú wé e kí ó má baà mì, ohun tí ó sì ń mú un pariwo nìyẹn. Ti igun òsì ń ta kíkí, ṣùgbọ́n kò rí paipu títí tí mo fi gbé e dé iwájú rẹ̀. Mo pààrọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú ti igun ọ̀tún lẹ́yìn tí mo rí i pé nọ́ńbà ara wọn bá ara mu, àìsàn náà sì bá a lọ sí ọ̀tún, nítorí náà mo mọ̀ pé wáyà kò ṣẹ̀. Nígbà tí mo fi èékánná họ ojú rẹ̀, mo rí i pé pọ́tì ni ó wà lábẹ́ ọ̀dà. Mo ra òmíràn, mo dá rọ́bà padà, igun méjèèjì sì ń bẹ̀rẹ̀ sí í dún báyìí nígbà tí paipu bá kù nǹkan bí ìdajì mítà. Sẹ́nsọ̀ ti parí, mo dúpẹ́. Ó ku kámẹ́rà.

Mo tún ní ìbéèrè kan: nígbà tí mo gbé paipu dúró, lójú àwòrán òkè ó dà bí ẹni pé ó dùbúlẹ̀, orí rẹ̀ na jìnnà sí ọkọ̀. Ṣé ìyẹn náà wà lára àìsàn rẹ̀?

Bàbá Rẹwáyà Ìbàdàn

Ìyẹn kì í ṣe àìsàn. Kọ̀ǹpútà náà gbà pé gbogbo ohun tí kámẹ́rà rí wà nílẹ̀ pẹrẹsẹ, nítorí náà ohunkóhun tí ó bá ga yóò dà bí ẹni tí ó ṣubú sẹ́yìn. Ìlà tí ó wà nílẹ̀ nìkan ni kí o fi ṣe ìdájọ́, kí ó sì jẹ́ ilẹ̀ tí kò dagun.

Nísinsìnyí, kí o tó pe ẹnikẹ́ni tí ó ní ẹ̀rọ, kà àwòrán náà dáadáa. Gbé ọkọ̀ sí orí ìńtálọ́ọ̀kì tí ìlà rẹ̀ ń lọ láti ẹ̀yìn sí iwájú, ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kí o sì wo bí wọ́n ṣe já ní ojú ìpàdé iwájú. Bí ìlà ọ̀tún àti ti òsì bá jọ yà síta, tàbí tí wọ́n jọ wọlé, kámẹ́rà iwájú ń wo òkè jù tàbí ó ń wo ilẹ̀ jù. Bí àwọn méjèèjì bá yà sí ọwọ́ kan náà, ó yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ kan. Bí ìlà tí ó dábùú níwájú bọ́mpà bá ga ní ọwọ́ kan tí ó sì rẹlẹ̀ ní èkejì, kámẹ́rà náà tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ nínú ihò rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ igun kan ṣoṣo ni ó já, tí èkejì dára, má ṣe fọwọ́ kan kámẹ́rà iwájú, ti abẹ́ dígí ẹ̀gbẹ́ ni kí o fura sí.

Má ṣe fojú kékeré wo dígírì kan. Ká ní kámẹ́rà rẹ ga ní 80 sẹ̀ńtímítà sí ilẹ̀, tí ó sì fi dígírì kan ṣoṣo kọjú sókè ju bí kọ̀ǹpútà ti rò lọ: ohun tí ó wà ní mítà kan yóò kúrò ní ipò rẹ̀ pẹ̀lú nǹkan bí sẹ̀ńtímítà mẹ́rin, ohun tí ó wà ní mítà méjì yóò sì kúrò pẹ̀lú nǹkan bí mẹ́wàá. Sẹ̀ńtímítà mẹ́wàá ni ó wà láàárín kí ọkọ̀ dúró lẹ́bàá ẹnu gọ́tà àti kí táyà rẹ̀ wọ inú rẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bẹ̀ ọ́ pé kí o wo ìdè gíríìlì rẹ kí ẹ̀rọ tó dé. Gíríìlì tòkunbọ̀ sábà máa ń ní eyín tí ó ti kán, wọn a sì fi wáyà tàbí gọ́ọ̀mù dì í. Fi ìka ti kámẹ́rà náà fẹ́ẹ́rẹ́: bí ó bá mì, bí a tún un tò lónìí, gálọ́ọ̀pù àkọ́kọ́ ni yóò tún bà á jẹ́.

Adé Ìkòròdú

Ìlà méjèèjì jọ yà síta ni, ti ọ̀tún sì fi díẹ̀ ju ti òsì lọ. Eyín ìdè kan ti kán lóòótọ́ nísàlẹ̀ gíríìlì, kámẹ́rà sì ń gbé ojú sókè bí mo bá tì í. A ti fi bóòtì kékeré àti irin pẹlẹbẹ dì í láti ẹ̀yìn, kò mì mọ́.

Arábìnrin Sìkánà Abẹ́òkúta

Ẹ kú ọ̀rọ̀. Irú iṣẹ́ yìí ni mo ń ṣe, mo fẹ́ fi bí mo ṣe ń ṣe é kún un, kí Adé lè mọ̀ bóyá ẹni tí ó pè mọ iṣẹ́ rẹ̀. Kó gbogbo ẹrù kúrò nínú ọkọ̀, fẹ́ táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dé ìwọ̀n tí a kọ sí ara férémù ilẹ̀kùn, ṣí dígí ẹ̀gbẹ́ sí ipò ìwakọ̀, kí o sì ti gbogbo ilẹ̀kùn. Ilẹ̀ gbọ́dọ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ. Inú ọgbà tí omi òjò ti ń ṣàn lọ sí gọ́tà kì í ṣe ilẹ̀ tí ó tẹ́, bí ojú tilẹ̀ rí i bẹ́ẹ̀.

So irin kékeré mọ́ okùn bí àwọn bíríkìlà ti ń ṣe, jẹ́ kí ó rọ̀ láti àárín gbùngbùn iwájú ọkọ̀, sàmì síbi tí ó kàn, kí o sì ṣe bẹ́ẹ̀ ní àárín ẹ̀yìn. Fa okùn kan gba abẹ́ ọkọ̀ kọjá lórí àmì méjèèjì, kí ó yọ jáde tó mítà kan ní orí àti ní ìdí. Òun ni ọ̀pá àárín ọkọ̀, gbogbo ìlà yòókù sì ti ara rẹ̀ jáde. Nínú ìwé àtúnṣe tí mo ń lò, ìlà tí ó dábùú níwájú wà ní 75 sẹ̀ńtímítà sí àmì iwájú, ó sì gùn ní mítà kan àtààbọ̀ sí ọ̀tún àti sí òsì. Àwọn ìlà ẹ̀gbẹ́ sì wà ní 30 sẹ̀ńtímítà sí ara ọkọ̀. Kí a wo ìwé ọkọ̀ tí ó wà níwájú wa gan-an kí a tó fi téèpù lé ilẹ̀. Láti mọ̀ pé ìlà ìdábùú dúró déédéé sí ọ̀pá àárín, wọn 60 lórí ọ̀kan, 80 lórí èkejì, àlàfo láàárín orí méjèèjì gbọ́dọ̀ jẹ́ 100 géérégé. Ẹni tí ó bá fojú díwọ̀n níbí yìí ń tún kámẹ́rà tò sí àṣìṣe ara rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rọ tó kàn. So ṣájà mọ́ bátìrì, nítorí pé iginíṣọ̀n yóò pẹ́ ní títàn. Nínú CONSULT, ẹ̀rọ àyẹ̀wò ilé Nissan, wọ AVM, èyí tí í ṣe apá kámẹ́rà àyíká, kí o kọ́kọ́ ka àṣìṣe tí ó wà níbẹ̀. Bí o bá rí `U111C`, àwòrán kò ti kámẹ́rà iwájú wá rárá, wáyà àti púlọ́ọ̀gì ni kí o lọ wò, má ṣe tún nǹkankan tò. Bí o bá rí `U1304`, ó ń sọ pé àtúntò kò tíì parí, ó sì máa ń kúrò fúnra rẹ̀ bí a bá parí iṣẹ́. Lẹ́yìn náà, wọ Work Support, mú èyí:

```
CALIBRATING CAMERA IMAGE (FRONT CAMERA)
```

Àwòrán kámẹ́rà iwájú yóò yọ pẹ̀lú àmì tí ẹ̀rọ yà lé e. Máa yí àmì náà, kí o máa gbé e sókè sódò, sọ́tùn-ún sósì, títí yóò fi bo ìlà téèpù tí ó wà nílẹ̀ mọ́lẹ̀. Kí ó tó tẹ́ ọ lọ́rùn, má ṣe gbà á. Bí ó bá sì ti tẹ́ ọ lọ́rùn, jẹ́ kí ẹ̀rọ fi pamọ́ tán kí o tó pa iginíṣọ̀n. Bí o bá yí i dé òpin ibi tí ẹ̀rọ gbà, tí àmì kò sì tíì dé orí ìlà, ìdè kámẹ́rà ni ó wọ́, padà lọ síbẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣọ́ra fún jù ni àṣàyàn `FINE TUNING OF BIRDS-EYE VIEW`. Ó wà fún kí a fi dọ́gba àṣẹ́kù kékeré láàárín kámẹ́rà kan àti èkejì. Àwọn kan máa ń sáré lọ síbẹ̀ tààrà, nítorí pé kò béèrè wàhálà ìlà fífà, wọ́n á fa kámẹ́rà ẹ̀gbẹ́ títí yóò fi bá ti iwájú tí kò tọ́ mu. Ojú ìpàdé yóò jọ ara wọn, oníbàárà yóò sanwó, ṣùgbọ́n kámẹ́rà méjèèjì ni yóò máa parọ́.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́

Arábìnrin, mo gbà. Mo béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá mi, ọkọ̀ rẹ̀ kì í ṣe Nissan, ọdún rẹ̀ sì sún mọ́ wa ju ti Adé lọ. Ṣùgbọ́n ṣé kí a tún kámẹ́rà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tò pọ̀ kò ní dára jù, níwọ̀n ìgbà tí ẹ̀rọ ti wà nílẹ̀?

Arábìnrin Sìkánà Abẹ́òkúta

Kò pọn dandan. Èyí tí a kò fọwọ́ kàn ni ẹlẹ́rìí wa. Bí mo bá yí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin padà lẹ́ẹ̀kan náà lórí ilẹ̀ tí kò dá mi lójú, n kò ní ohun kankan mọ́ tí n óò fi mọ èyí tí ó tọ́. Ti iwájú nìkan ni mo máa ń ṣe, kí n tó wo ohun tí ó kù.

Adé Ìkòròdú

Ẹ ṣé gan-an. Ẹnìkan tí ó ní ẹ̀rọ náà wá, a ya ìlà bí Arábìnrin ti wí, `U1304` nìkan ni ó sì wà níbẹ̀. Ìlà òsì ti di ọ̀kan láti ẹ̀yìn dé iwájú, èyí tí ó dábùú sì tọ́. Ṣùgbọ́n ní igun iwájú ọ̀tún, àlàfo tí ó tó ìka méjì ṣì wà níbi ìpàdé. Ẹni tí ó ṣe é ní kí òun fi FINE TUNING dí i, mo ní kí ó dúró ná kí n béèrè.

Pénítà Òṣogbo

Ìka méjì kọ́ ni ó máa ba ọkọ̀ jẹ́. Kí ó dí i, kí o máa wakọ̀ rẹ.

Bàbá Rẹwáyà Ìbàdàn

Má tíì jẹ́ kí ó dí i. Igun kan ṣoṣo ni ó kù, mo sì ti sọ ohun tí ìyẹn ń fi hàn. Wo dígí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún dáadáa: ṣé àwọ̀ rẹ̀ bá ti ilẹ̀kùn mu, ṣé ike abẹ́ rẹ̀ níbi tí kámẹ́rà ti yọjú dì mọ́ra, ṣé ó sì ṣí dé òpin bí ti òsì?

Adé Ìkòròdú

Bàbá, bí mo ṣe wò ó nísinsìnyí, àwọ̀ dígí ọ̀tún fi díẹ̀ mọ́lẹ̀ ju ti ilẹ̀kùn lọ. Bí mo ṣe ra ọkọ̀ náà nìyẹn, n kò mọ̀ bóyá wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀ rí kí ó tó dé Nàìjíríà.

Arábìnrin Sìkánà Abẹ́òkúta

Ó lè jẹ́ dígí, ó sì lè jẹ́ ilẹ̀ rẹ, nítorí pé bí ilẹ̀ bá rẹlẹ̀ ní apá kan, àlàfo bẹ́ẹ̀ máa ń yọ níbẹ̀. Ohun tí yóò yà wọ́n kò ná ọ ní kọ́bọ̀. Yí ọkọ̀ náà padà lórí ilẹ̀ kan náà, kí imú rẹ̀ wà níbi tí ìdí rẹ̀ wà tẹ́lẹ̀, kí o tún wo ìlà. Bí àlàfo bá ṣì wà ní ọ̀tún ọkọ̀, kámẹ́rà dígí ni. Bí ó bá bọ́ sí òsì, ilẹ̀ ni, a ó sì ní láti tún ti iwájú náà ṣe ní ibòmíràn tí ó tẹ́. Kí o tó ṣe bẹ́ẹ̀, tún afẹ́fẹ́ táyà ọ̀tún méjèèjì wọ̀n.

Adé Ìkòròdú

Ọkọ̀ aládùúgbò mi dí ọ̀nà, n kò lè yí tèmi padà lálẹ́ yìí. Mo ti wọn táyà: ti iwájú ọ̀tún wà ní 27, àwọn yòókù sì wà ní 33. N óò fẹ́ ẹ kí n tó wo ìlà náà lẹ́ẹ̀kan sí i.